Ọjọ́ tí wọ́n dá fún èsì íntáfíù ti kọjá: báwo ni kí n ṣe fi ímeèlì bèèrè?

ỌmọÌwó (Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹwàá 2025, aago méje ààbọ̀ àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, 26 oṣù Kẹsàn-án, ni mo ṣe íntáfíù àṣekágbá fún ipò akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ n'Ìbàdàn. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó tì mí: ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àkáǹtì, àti Ìyáàfin A. tó wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Ìyáàfin A. ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Túsìdè 30, ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa." Túsìdè ti lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ kọ ímeèlì, àmọ́ mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé, mi ò tíì fi ránṣẹ́:

> Sí ọ̀gá àgbà. Mo kí yín púpọ̀ lórúkọ Olúwa. Mo gbàdúrà pé kí ilé iṣẹ́ yín máa tẹ̀ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń dà yín láàmú. Ẹ ṣèlérí pé mo máa gbọ́ èsì ní Túsìdè, àmọ́ títí di ìsinsìnyí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo rí iṣẹ́ náà gbà àbí mi ò rí i gbà? Mo nílò iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ ṣàánú mi.

Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi kún un, ìgbà wo ni kí n fi ránṣẹ́?

---

Jagunlabí

Lẹ́yìn íntáfíù, kó tó di ọjọ́ kejì ló yẹ kéèyàn ti kọ̀wé ìdúpẹ́. O ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò burú. Dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o mẹ́nu ba ohun kan tí ẹ jọ sọ níbẹ̀, kí o wá fi "mo ń retí yín" parí rẹ̀.

---

ỌmọÌwó

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi ti ìdúpẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ti èsì tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá ni mò ń bèèrè.

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Ọmọ Ìwó, kọ́kọ́ ka ọjọ́ dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ Túsìdè ni wọ́n dá fún ẹ. Àná Ọjọ́rú jẹ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ òmìnira, gbogbo ọ́fíìsì ló wà ní títì. Òní yìí ni ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá. Lójú tìẹ, ọjọ́ méjì ti kọjá. Lójú Ìyáàfin A., kò tíì ju kó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Bí lẹ́tà rẹ bá wọlé láago mẹ́jọ àárọ̀ òní, á rò pé ńṣe lo jókòó ti aago.

Jẹ́ kí òní kọjá. Fi ránṣẹ́ lọ́la Ẹtì, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀. Íntáfíù á ti pé ọ̀sẹ̀ kan gééré, wọ́n á sì ti ní odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan láti fi ṣe ohun tí ìsinmi dí wọn lọ́wọ́. Má jẹ́ kó di ọ̀sán o. Láti bí aago méjìlá ààbọ̀ làwọn kan ti ń lọ kí Jímọ̀, àwọn míì ò sì ní padà sídìí iṣẹ́ gidi mọ́. Ímeèlì tó bá wọlé láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, abẹ́ òkìtì ti Mọ́ńdè ni wọ́n ti máa rí i, bí wọ́n bá rí i.

Lónìí, ohun tí wàá ṣe ni kí o rí i dájú pé wọn ò tíì kọ̀wé sí ẹ. Mo ń sọ ọ́ torí ó wọ́pọ̀ ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Bó bá jẹ́ Gmail lò ń lò, bí o bá kàn tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ síbi ìwákiri, kì í wo inú `Spam` àti `Trash` fún ẹ. Báyìí ni kí o tẹ̀ ẹ́, kí o fi àdírẹ́sì tiwọn gan-an rọ́pò èyí tí mo kọ:

```
in:anywhere from:ileise.com
```

Lẹ́tà tó bá wọ `Spam`, ọgbọ̀n ọjọ́ ni Gmail fi ń tọ́jú rẹ̀ kó tó pa á rẹ́, nítorí náà bó bá wà níbẹ̀, wàá bá a. Tún wo àwọn nọ́ḿbà tó pè ẹ́ tí o ò gbé láti Mọ́ńdè. Èèyàn tó kọ̀wé pé òun ò gbọ́ nǹkan kan, tí lẹ́tà wọn sì ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn á ba ẹni tó ń wá akọ̀wé owó lójú jẹ́.

---

AkínÈkó

Ẹ̀yin ẹ ń dá ara yín láàmú. Ta ló ń ka ímeèlì ní Nàìjíríà? Pè wọ́n lórí fóònù. Tí o bá sì máa kọ ọ́ tipátipá, fi ọ̀gá àgbà sínú `Cc`, kí obìnrin yẹn mọ̀ pé ọ̀gá òun ń wò ó. Kí o sì kọ "KÍÁKÍÁ" sí orí rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ tutù jù, wọn ò ní dá ẹ lóhùn.

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Akín, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Fóònù dára, àmọ́ lẹ́yìn ímeèlì ló ti ń dára. Bí o bá pè é láìròtẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ inú ìpàdé ló wà, tàbí kó má ní fáìlì rẹ níwájú. Á ní "a máa pè yín padà", ọ̀rọ̀ á sì bú sínú omi. Bí ímeèlì bá ti wà nílẹ̀, ohun tí wàá fi fóònù sọ kò ju pé "mo fi ímeèlì kan ránṣẹ́ ní Ẹtì lórí ipò akọ̀wé owó, mo ní kí n bèèrè bóyá ó dé ọwọ́ yín." Ìyẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì rọrùn fún un láti dáhùn.

Ti `Cc` yẹn ni mi ò fara mọ́. Ìyáàfin A. ni yóò gbé fáìlì rẹ dé iwájú ọ̀gá. Bí o bá fi ọ̀gá síbẹ̀, ẹ̀sùn lo fi kàn án, ó sì lè jẹ́ pé tábìlì ọ̀gá gan-an ni ìwé náà ti há, tí obìnrin náà ò kàn lè sọ ọ́ fún ẹ. O ti wá dójú ti ẹni méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Ìwó, ṣí lẹ́tà tí Ìyáàfin A. fi pè ẹ́ wá fún íntáfíù, kí o tẹ `Reply` níbẹ̀. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ tuntun, má sì yí àkọlé rẹ̀ padà. Bó bá ṣí i, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá ara yín sọ ló máa wà nísàlẹ̀: orúkọ rẹ, ipò náà, ọjọ́ íntáfíù. Kò ní wá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Àyàfi bó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `no-reply` ni wọ́n fi pè ẹ́. Ìyẹn ò ní ẹni tó ń kà á, ìgbà yẹn lo máa wá àdírẹ́sì Ìyáàfin A. fúnra rẹ̀, tí wàá sì kọ ipò, orúkọ rẹ àti ọjọ́ íntáfíù sí àkọlé.

---

ỌmọÌwó

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ímeèlì pè mí, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ḿbà ọ́fíìsì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Mo sì ti tẹ ohun tí ẹ ní kí n tẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú `Spam`. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà wá ńkọ́, Mọ̀ọ́mì?

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Jẹ́ ká mú tìẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ṣèlérí": yọ ọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń sin gbèsè. Dárúkọ ọjọ́ náà lásán, òun fúnra rẹ̀ á rántí ohun tó sọ.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan": ó mọ̀. Òun ni kò kọ̀wé.

"Ẹ má bínú pé mò ń dà yín láàmú": kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú kéèyàn bèèrè lẹ́yìn ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn dá. Bí o bá tọrọ àforíjì, ńṣe lo sọ fún un pé ìdààmú ni.

"Mo nílò iṣẹ́ yìí, ẹ ṣàánú mi": èyí ló burú jù. Iṣẹ́ owó lo fẹ́ ṣe. Ọ̀gá àkáǹtì tó bá kà á lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí owó ṣe há ẹ mọ́ tó. Bó sì ti tó àsìkò láti jọ sọ iye owó oṣù, o ti sọ fún wọn pé ohunkóhun tí wọ́n bá mú wá ni wàá gbà.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ, "ṣé mo rí i gbà àbí mi ò rí i gbà?" Ibí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. Ìbéèrè yẹn, Ìyáàfin A. kò lè dá a lóhùn, kódà bó bá mọ èsì. Wo bó ṣe máa ń rí. Ká ní ẹni mẹ́ta ló dé ìpele àṣekágbá, wọ́n sì ti mú ẹnì kan. Wọ́n ti fún un ní lẹ́tà, wọ́n ń dúró kó fọwọ́ sí i. Wọn ò ní sọ fún ẹni kejì pé "a ò mú ẹ", torí bí ti àkọ́kọ́ bá kọ̀ nítorí owó, ẹni kejì ni wọ́n máa pè. Ó sì lè jẹ́ ìwọ gan-an ni wọ́n mú, àmọ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó oṣù ò sí nílé. Nínú méjèèjì, bí o bá bi í ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, dídákẹ́ ló rọrùn jù fún un. Àmọ́ bí o bá bèèrè *ìgbà* tí ìpinnu máa wáyé, ó lè dáhùn láìtú àṣírí kankan: "Ẹ fún wa di Ẹtì tó ń bọ̀."

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ kí gbogbo wa lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èdè tí wọ́n fi kọ̀wé sí ẹ ni kí o fi kọ tìẹ.

> Ẹ kú àárọ̀, Ìyáàfin A.,
>
> Ẹ ṣeun fún àkókò tí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀gá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹsàn-án, lórí ipò akọ̀wé owó. Ẹ sọ lọ́jọ́ náà pé èsì yóò jáde ní nǹkan bí 30 oṣù Kẹsàn-án, mo sì mọ̀ pé ìsinmi bọ́ sí àárín. Ǹjẹ́ ẹ lè jẹ́ kí n mọ ìgbà tí ẹ rò pé ìpinnu yóò wáyé báyìí?
>
> Ọkàn mi ṣì wà níbi iṣẹ́ náà. Bó bá ku ìwé kan tàbí fọ́ọ̀mù onídùúró tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, mo lè fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá bèèrè.
>
> Ẹ ṣeun.

Orúkọ rẹ ní kíkún àti nọ́ḿbà fóònù tó ń lọ á wà nísàlẹ̀. Ó parí. Ìbéèrè kan péré ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè kà á tán lórí fóònù láì fọwọ́ yí i lọ sísàlẹ̀ púpọ̀. Gbólóhùn ti ìsinmi yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Ó fún un ní àwáwí tí kò ní tì í lójú, ẹni tí o bá sì fún ní irú ẹ̀ máa ń yára dáhùn.

---

BàbáTíṣà

Lẹ́tà náà mọ́ tónítóní, àmọ́ ìkíni inú rẹ̀ kéré lójú tèmi. Ọmọ Yorùbá kì í kọ̀wé sí àgbà kó máà bèèrè àlàáfíà. Kí ló burú nínú "mo gbàdúrà pé kí iṣẹ́ yín máa tẹ̀ síwájú"? Kò pa ẹnikẹ́ni.

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Kò burú, Bàbá. Bí obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tirẹ̀ pẹ̀lú irú ìkíni bẹ́ẹ̀, kó dá a padà ní gbólóhùn kan. Ohun tí mò ń sá fún ni kí ìkíni gba ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́. Lójú fóònù, ìlà kan tàbí méjì ló máa ń hàn kéèyàn tó ṣí lẹ́tà. Bó bá jẹ́ àdúrà nìkan ló rí níbẹ̀, kò ní mọ̀ pé ìbéèrè wà nínú rẹ̀, á ní òun á kà á tó bá yá.

---

BàbáTíṣà

Ìyẹn yé mi. Àmọ́ ti ọjọ́ yẹn, mi ò gbà. Ẹ jẹ́ kó dúró di Túsìdè tó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ aládàáni kékeré, Ẹtì ni wọ́n máa ń fi san owó àwọn tó ń kó àgbàdo wá. Ọ̀gá àkáǹtì ò ní ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ìyáàfin A. ló ń gba lẹ́tà yìí, kì í ṣe ọ̀gá àkáǹtì, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí Ẹtì àárọ̀. Bó bá sì fẹ́ fi sí Túsìdè, kò ní ba nǹkan jẹ́.

---

Adùkẹ́_Máńṣẹ́sítà

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi jọ ọ́ díẹ̀. Ilé ìwòsàn kan níbí ni mo ṣe íntáfíù sí. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti kọjá, àmọ́ ẹni tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí níbi iṣẹ́ tí mo wà sọ pé wọ́n ti kọ̀wé sí òun láti bèèrè ìwà mi. Ṣé kí n kọ irú lẹ́tà yìí, àbí mo ti gba iṣẹ́ nìyẹn? Mo fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ níbi tí mo wà.

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Ẹ má tíì fi ìwé kankan sílẹ̀ o! Àmì dáadáa ni pé wọ́n kọ̀wé sí ẹlẹ́rìí, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Bìrìtéènì kì í ṣe é àyàfi fún ẹni tí wọ́n ti fẹ́ mú. Síbẹ̀, ìgbanisíṣẹ́ tó ní àdéhùn lábẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún yín: ìwé ẹlẹ́rìí, àyẹ̀wò ìwé ọlọ́pàá, àyẹ̀wò ìlera àti ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, tí wọ́n sì fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sínú ìwé, ni kí ẹ tó gbé ìwé ìfipòsílẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ orí `Trac` lẹ ti forúkọ sílẹ̀, ẹ wọ inú rẹ̀ lọ wò, èsì lè ti wà níbẹ̀ kí ímeèlì tó dé. Bí kò bá sí, ẹ kọ lẹ́tà, àmọ́ ẹ má sọ pé ẹ gbọ́ látẹnu ẹlẹ́rìí.

---

ỌmọÌwó

Mọ̀ọ́mì, nǹkan kan wà tí mi ò sọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé iṣẹ́ míì ti fún mi ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì lẹ́nu mi kó tó di Ọjọ́rú, 8 oṣù yìí. Ti oúnjẹ adìyẹ yìí ló wù mí jù. Ṣé kí n sọ ọ́?

---

AkínÈkó

Sọ ọ́! Bí kò bá tiẹ̀ sí, ńṣe ló yẹ kí o sọ pé ó wà. Wọ́n á sáré.

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Akín, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ní "ẹ kú oríire, ẹ lọ gba tọ̀hún", kí ló fẹ́ ṣe? Ìyẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń sọ bí ìwé ò bá tíì kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ọmọ Ìwó, nígbà tó jẹ́ òótọ́, sọ ọ́, ìyẹn náà sì tún fi hàn pé Ẹtì dára ju Túsìdè lọ. Fi gbólóhùn kan sí i lẹ́yìn "ọkàn mi ṣì wà níbi iṣẹ́ náà": "Ilé iṣẹ́ mìíràn ń retí èsì lẹ́nu mi kó tó di Ọjọ́rú, 8 oṣù Kẹwàá. Tiyín ló wù mí jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bèèrè bóyá ẹ lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé kó tó di ọjọ́ náà." Má dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, má dárúkọ iye owó. Má sì kọ ọ́ bíi pé o ń fún wọn ní gbèdéke. Ọjọ́ 8 yẹn, ti àwọn tọ̀hún ni, kí ó hàn bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá dáhùn, fóònù kan ní Mọ́ńdè lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Ká ní kò sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 8 ni, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni mi ò bá ní kí o fún un kí o tó tún kọ lẹ́tà kejì, ìlà méjì péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tó. Tí ẹnikẹ́ni bá sì dá ẹ lóhùn pé kí o san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó àyẹ̀wò kí èsì tó jáde, gbájú-ẹ̀ ni. Wo àdírẹ́sì tó fi kọ̀wé dáadáa, kì í ṣe orúkọ tó hàn lókè nìkan.

---

ỌmọÌwó (Ẹtì, 3 oṣù Kẹwàá, aago mẹ́ta ọ̀sán)

Mo fi ránṣẹ́ láago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Ó dáhùn lẹ́yìn Jímọ̀: "Ẹ ṣeun fún sùúrù yín. Ọ̀gá àgbà ò sí n'Ìbàdàn, ọjọ́ Ajé ni yóò dé. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 8 yẹn fún un. Mo máa pè yín ní Túsìdè." Ṣé kí n dáhùn, àbí kí n dákẹ́?

---

Jagunlabí

Dákẹ́. Ó ti dáhùn, má ṣe jẹ́ kó sú u.

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Dáhùn ní ìlà kan: "Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ń retí ìpè yín ní Túsìdè 7 lórí nọ́ḿbà yìí," kí o wá kọ nọ́ḿbà náà. Ó sọ Túsìdè, kò sọ déètì. Ìwọ ni kí o kọ 7 síbẹ̀, kí ó má bàa di Túsìdè míì. Kó tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, kọ̀wé sí àwọn tọ̀hún náà, bèèrè bóyá wọ́n lè fún ẹ di Ẹtì 10.

---

BàbáTíṣà

Èmi ò ní bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ àwọn tọ̀hún. Ẹni tó ti fún ọ níṣẹ́ lọ́wọ́, o tún ń dá a dúró?

---

ÌyáÒṣìṣẹ́

Ọjọ́ méjì ni, Bàbá, wọ́n sì lè kọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí wọ́n ní "Ọjọ́rú la sọ" lọ.

---

ỌmọÌwó

Mo ti fi ìlà kan yẹn ránṣẹ́ sí Ìyáàfin A. Ti àwọn tọ̀hún ni mo ṣì ń rò.